Gíráàfù tó rẹwà jù kọ́ ló yẹ kó gba máàkì jù

1. Ẹ̀yin tíṣà físíìsì, ẹ má bínú sí mi o. Gíráàfù tí gbogbo àmì ibẹ̀ tò gún régé sórí ìlà, mi ò ní kí i kú iṣẹ́ títí màá fi wo téébù ẹ̀.

2. Ẹ jẹ́ ká mú òkúta tí wọ́n fi okùn so rọ̀, tó ń fì. L ni gígùn okùn, T ni àkókò tó fi lọ tó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ká ní L jẹ́ 0.2, 0.4, 0.6, 0.8 àti 1.0 mítà, T² wá jáde ní 0.80, 1.64, 2.40, 3.26 àti 4.00.

3. Orúkọ ni mo kọ́kọ́ ń wò. L/m lórí ìlà tó dùbúlẹ̀, T²/s² lórí èyí tó dúró. Ẹni tó kọ T/s síbẹ̀ ti sọ pé nǹkan mìíràn lòun yà.

4. Ó kan sìkéèlì. Tí sẹ́ntímítà méjì bá dúró fún 0.5, àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan (mílímítà méjì) jẹ́ 0.05, 0.80 sì bọ́ sórí àpótí kẹrìndínlógún gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 0.3 lo mú, kékeré kan di 0.03. Níbo lo máa wá 0.80 sí? Wàá kàn méfò ni.

5. Wàyí o, ìlà. Àwọn àmì wa ò tò gún, kò sì yẹ kí wọ́n tò gún, torí ọwọ́ èèyàn ló tẹ aago. Fi rúlà fa ìlà kan ṣoṣo, kí àwọn kan wà lókè ẹ̀ díẹ̀, kí àwọn yòókù wà nísàlẹ̀. Má so àmì pọ̀ mọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀.

6. Orí ìlà yẹn ni ká ti mú sílóòpù, kì í ṣe inú téébù. Mú ibi méjì tó jìnnà síra: (0.10, 0.42) àti (0.90, 3.62). Ó fún wa ní 4.0. Torí g = 4π²/sílóòpù, g jẹ́ 9.9. Ẹni tó mú kejì àti ìkẹta láti inú téébù á rí 3.8, g ẹ̀ á di 10.4. Dátà kan náà o!

7. Àmì kan wá bọ́ sísàlẹ̀ jìnnà ńkọ́? Má sún un. Ó lè jẹ́ pé ìfì mọ́kàndínlógún lo kà tó o pè ní ogún. Ìyẹn nìkan á fa T² wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Padà lọ wọ̀n ọ́n.

8. Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyí: ẹ tó bá ń fún àmì tí wọ́n sún ní máàkì ń kọ́ ọmọ pé kó pa àṣìṣe ẹ̀ mọ́. Àmì tó yà kúrò lọ́nà yẹn gan-an ló fẹ́ sọ fún un pé ó ṣìrò ìfì. Ẹ fi téébù wé gíráàfù kẹ́ ẹ tó mú bírò pupa.