Ẹ Má Gé Owó Akẹ́kọ̀ọ́ Kúrò Nínú Ètò Ìnáwó Ìwádìí

Bí owó ìwádìí ní yunifásítì kò bá kárí, owó akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn kan máa ń kọ́kọ́ gé, owó ìrìn àjò a sì tẹ̀ lé e. Wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kan owó ẹ̀rọ, nítorí pé ẹ̀rọ ṣeé fojú rí. Wọ́n ní iṣẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́, kí ni ó tún ń gbowó fún? Èrò yìí kò tọ̀nà rárá.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìjálá ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní olùkọ́ kan ní Ìbàdàn fẹ́ gba ìjálá wákàtí 20 sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ Ìsẹ́yìn. Inú wákàtí 20 yìí ni ó yẹ kí gbogbo owó yòókù ti jáde.

Ní ti ẹ̀rọ, wákàtí kan ohùn tó já gaara kò ju nǹkan bíi jígábáìtì 1 lọ. Bí a bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 60 lọ. Ẹni tí ó bá wá béèrè fún kọ̀ǹpútà olówó gọbọi fún iṣẹ́ yìí kò rí àwíjàre. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan, gbohùngbohùn méjì àti bátìrì tó pọ̀ tó ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ní ti ìrìn àjò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó lọ. A ó kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà, kí a sì gbàyè; lẹ́yìn náà ni a ó lọ gba ohùn; ẹ̀kẹta ni a ó fi gbé àdàkọ padà tọ àwọn ọdẹ lọ, kí wọ́n lè túmọ̀ ohun tó ta kókó. Ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n sábà máa ń fagi lé, òun gan-an ni kì í jẹ́ kí a méfò.

Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wá pọ̀ jù. Kí olùkọ́ náà dán ìṣẹ́jú mẹ́wàá wò. Bí àdàkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn bá gba wákàtí 2, a jẹ́ pé wákàtí kan ìjálá yóò gba 12, wákàtí 20 yóò sì gba 240. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá ń ṣe wákàtí 8 lọ́sẹ̀ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ 15 gbáko ni. Ta ni yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́? Bí wọ́n bá kánjú ṣe é, ọkọ́ yóò di ọ̀kọ̀, àwa olùkọ́ ni yóò sì máa wá ìtumọ̀ rẹ̀ kiri níwájú ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò.

Àwọn tí ń béèrè owó náà jẹ̀bi. Wọn a kọ “owó akẹ́kọ̀ọ́” sílẹ̀ lásán, láìṣe ìṣirò kankan. Owó tí kò ní ìṣirò ni ọ̀bẹ máa ń tètè bà.

Bí gígé bá di dandan, ẹ gé wákàtí ìjálá kù sí 12. Àdàkọ yóò di wákàtí 144, owó akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dín kù bí iṣẹ́ ti dín kù. Ìjálá wákàtí 12 tí a kọ sílẹ̀ pé pérépéré sàn ju 20 tí ó dákẹ́ sínú àpótí lọ.