Bí O Bá Ti Ná An, Iye Àkọ́kọ́ Ti Kú

Ọmọ ọdún kìíní lè há ìtumọ̀ ìfilọ̀, ìtẹ́wọ́gbà àti pàṣípààrọ̀ sórí, kó kọ wọ́n láìṣì, síbẹ̀ kó ṣubú tí olùkọ́ bá fi ìtàn kúkúrú kan dán an wò. Èrò tèmi ni pé bí a ṣe ń kọ́ wọn ló fà á. A ń tò wọ́n bí àpótí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìnájà kan ṣoṣo ni wọ́n, irú èyí tí a ti ń gbọ́ láti ìgbà tí a ti ń tẹ̀lé ìyá wa lọ sọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí. Lọ́jọ́ Ajé, Lágbájá tó fẹ́ kó kúrò ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún Tàmẹ̀dù pé, "Màá ta fíríìjì mi fún ẹ ní ₦60,000." Ìfilọ̀ nìyẹn, torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe pàtó, ó sì hàn pé bí Tàmẹ̀dù bá ti gbà, ọ̀rọ̀ parí. Tàmẹ̀dù ní, "Gba ₦50,000." Lágbájá ní kò gbà. Lọ́jọ́rú, Tàmẹ̀dù kó ₦60,000 dé, ó ní òun ti gbà. Lágbájá ní òun kò tà mọ́. Ǹjẹ́ àdéhùn wà?

Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní ó wà. Ní ọjà wa, ẹni tó ná ọjà lè lọ yíká, kó padà wá san iye àkọ́kọ́, ìyá ọlọ́jà á sì kó ọjà fún un. Ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin kò fi dandan mú un.

Ẹjọ́ Hyde àti Wrench ti ọdún 1840 ló là á yé wa. Lóṣù kẹfà ọdún náà, Wrench fi oko rẹ̀ lọ Hyde ní £1,000. Hyde ní £950 ni òun máa san. Wrench rò ó títí, ó kọ̀. Lẹ́yìn náà ni Hyde kọ̀wé pé òun gba £1,000. Adájọ́ Langdale ní kò sí àdéhùn. Nígbà tí Hyde dárúkọ £950, ó ti kọ £1,000 sílẹ̀, ó sì ti gbé ìfilọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀. Ohun tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pa, kò lè dá nìkan jí i dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Tàmẹ̀dù: ₦60,000 tó kó wá lọ́jọ́rú, ìfilọ̀ tuntun ni. Ó kù sí Lágbájá lọ́wọ́ láti gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló ń pa ìfilọ̀. Ká ní Tàmẹ̀dù béèrè pé, "Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n san án lẹ́ẹ̀mejì?", ìwádìí lásán nìyẹn. Ilé ẹjọ́ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Stevenson àti McLean lọ́dún 1880, níbi tí ẹni tó fẹ́ ra irin ti béèrè bóyá wọ́n lè fún òun láyè. Ohun tó yẹ kí o wò ni bóyá ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ni tàbí ó ń dá iye tirẹ̀.

Pàṣípààrọ̀ wá ńkọ́? Ká ní Tàmẹ̀dù kò ná an rárá, ó kàn ní, "Ẹ bá mi mú un dání di ọjọ́ Ẹtì," Lágbájá sì ní, "Ó dáa." Bí Lágbájá bá tà á fún ẹlòmíràn lọ́jọ́bọ̀, tí Tàmẹ̀dù sì gbọ́ kó tó wá gbà, ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́. Nínú ẹjọ́ Dickinson àti Dodds, tí wọ́n dá lọ́dún 1876, Dodds ṣèlérí pé ìfilọ̀ òun láti ta ilé ní £800 yóò wà nílẹ̀ di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Dickinson gbọ́ lọ́jọ́bọ̀ pé Dodds ti ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ títà. Ilé ẹjọ́ ní ìlérí náà kò de Dodds, torí pé Dickinson kò fún un ní nǹkan kan nítorí rẹ̀. Bí Tàmẹ̀dù bá ti san ₦500 péré fún ìdádúró náà, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Òfin kì í béèrè bóyá ohun tí a fi ṣe pàṣípààrọ̀ tó. Ó ń béèrè bóyá ó wà.

Nítorí náà, nígbà tí ìbéèrè bá dé iwájú rẹ, má sáré kọ ìtumọ̀. Tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn níkọ̀ọ̀kan. Lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bi ara rẹ pé: ìfilọ̀ ta ló ṣì wà láàyè báyìí? Kí sì ni ẹnì kejì fi sílẹ̀ kí ìlérí yìí tó lè dè é? Ọlọ́jà tó bú ẹni tó ní "Gba ₦2,000", tó gbọ́ "Mú owó wá", tó sì sá lọ, ti mọ èyí tipẹ́. Ẹni tó sá lọ yẹn ló fi iye lọ̀, ọlọ́jà ti gbà á, ìlérí méjì sì ti pàdé ara wọn.