Ọmọ méjì péré ló wá, nọ́ọ̀sì ò ṣí ìgò

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bínú sí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti lọ.

Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni mò ń gbé n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ ọdún mẹ́rin kan nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ gbóná. Ibà ni gbogbo wa pè é. Ní Ọjọ́bọ̀ ni ara rẹ̀ sú, láti ẹ̀yìn etí bọ́ sí ojú. Màmá àgbà wò ó, wọ́n ní, "Èéyi lèyí o," wọ́n sì ní kí wọ́n lọ ra ẹmu tí wọ́n á fi pa á lára.

Ọkàn Ìyá Tòmíwá já. Ọmọ tirẹ̀ ti pé oṣù 11, kò tíì gba abẹ́rẹ́ èéyi, òun àti ọmọ yẹn sì jọ ṣeré nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní èéyi ti ń kó o ran èèyàn láti nǹkan bí ọjọ́ 4 ṣáájú kí ara tó sú.

Kì í ṣe pé obìnrin yìí kọ abẹ́rẹ́ o. Nígbà tí Tòmíwá pé oṣù 9, ẹ̀ẹ̀mejì ló pa ọjà tì lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ méjì péré ló wá, wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgò kan, ọmọ mẹ́wàá ló wà fún. Bí lẹ́búlẹ́bú ni oògùn náà rí. Tí wọ́n bá ti fi omi rẹ̀ pò ó, ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí 6, wọ́n gbọ́dọ̀ dà á nù. Nọ́ọ̀sì ò fẹ́ fi ṣòfò. Ó yé mi, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n ṣí i, kódà fún ọmọ kan ṣoṣo. Ta ló máa san owó ọkọ̀ ìyá yẹn?

Ìbẹ̀rù tún dá kún un. Àǹtí ọkọ rẹ̀ sọ pé abẹ́rẹ́ náà máa ń mú ara ọmọ gbóná.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé ọmọ pọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ṣí ìgò. Nọ́ọ̀sì ò tàn án. Ó ní, "Ìyá, tí ọmọ bá gbà á láàárín ọjọ́ 3 tó bá aláìsàn pàdé, ó lè dènà èéyi. Ṣùgbọ́n tó bá ti kó o ṣáájú ìyẹn, ó ṣì lè yọ. Ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó má jáde sáàárín àwọn ọmọ." Ó ní òótọ́ ni ti ara gbígbóná: ó lè wáyé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 12 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, á sì lọ.

Ara Tòmíwá gbóná fún ọjọ́ méjì lóòótọ́. Èéyi ò yọ.

Oṣù 15 ni abẹ́rẹ́ kejì. Ìyá rẹ̀ ti kọ ọjọ́ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn, ó sì ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń ka ọmọ tí wọ́n á jọ lọ. Mẹ́fà ló ti rí.