Kọ̀ǹpútà fi iye àtijọ́ tàn wá jẹ

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé tó ń tọ́jú ìṣirò ní ilé ìwòsàn kan. Mo jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní fi bò.

Kọ̀ǹpútà la fi ń mọ iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kù lọ́wọ́ wa. Nọ́ọ̀sì á tẹ iye ìgò tó lò sínú àkọsílẹ̀ lọ́sàn-án. Bó bá di aago 2 òru, ètò kan nínú ẹ̀rọ á lọ kó iye náà, á sì gbé e sórí pátákó ìṣirò tí gbogbo wa ń wò lójú kọ̀ǹpútà láàárọ̀. Bí ìgò bá ku 10, pátákó á pọ́n, èmi á sì kọ̀wé béèrè òmíràn. Kí pátákó yìí tó dé, nọ́ọ̀sì ló máa ń ṣí fìríìjì, táá kà á, táá sì béèrè fúnra rẹ̀. Àwa la ní kó sinmi, pé kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kan, ìgò pẹ́ńtà 23 ló wà lórí pátákó. Pẹ́ńtà ni abẹ́rẹ́ tí à ń gún fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ìgò kan tó ọmọ 10, ìgò 5 la sì ń lò lọ́sẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pààrọ̀ páàsìwọ́ọ̀dù àkọsílẹ̀ wa, torí òṣìṣẹ́ kan tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rántí pé páàsìwọ́ọ̀dù àtijọ́ ni ètò òru náà fi ń wọlé. Láti òru ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn. Ó ń kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lóròòru, `FATAL: password authentication failed for user`, sínú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Pátákó kò ṣófo, kò sì pọ́n. Iye tó rí gbà kẹ́yìn ló dì mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Lópin ọ̀sẹ̀ kìíní, ìgò 18 ló kù nínú fìríìjì. Lópin ọ̀sẹ̀ kejì, ó ku 13. Lópin ẹ̀kẹta, ó ku 8. Ìgbà yẹn ló yẹ ká ti béèrè. Pátákó ṣì ń sọ pé 23. Lópin ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ku 3. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìyá 47 gbé ọmọ wá. Ọmọ 30 gba abẹ́rẹ́, 17 padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn ìyá kan ti fi ẹsẹ̀ rìn láti oko. Ìyá àgbà kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ó ti tán ni?" N kò rí èsì fún wọn.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé, 14 padà wá. A wá àwọn 3 yòókù lọ sílé wọn, ṣùgbọ́n ìyá ọ̀kan ti kó kúrò ládùúgbò. A kò tíì rí i títí di òní.

Kí ló dé tí n kò fura? Déètì ọjọ́ òní máa ń wà lókè pátákó yẹn láràárọ̀. Èmi rò pé déètì iye ni. Àṣé déètì ọjọ́ tí a ṣí i wò ni! Ìyẹn ló tàn mí. Ó sì yẹ kí n mọ̀ pé iye tí kò fi ẹyọ kan yẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, níbi tí à ń gún abẹ́rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ti kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe pátákó báyìí fún ilé ìwòsàn, ẹ gbọ́ o. Ẹ kọ déètì àkọsílẹ̀ tó dé kẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ iye, kó sì pọ́n bó bá ti ju ọjọ́ iṣẹ́ 2 lọ. Àwọn kan ní kí ẹ̀rọ ránṣẹ́ bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Ìyẹn nìkan kò tó, nítorí bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kú, ta ni yóò ránṣẹ́? Kó ránṣẹ́ lójoojúmọ́ pé òun ti jẹ́ iṣẹ́ òun; ọjọ́ tí a kò bá gbọ́ nǹkan kan la ó dìde.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ má sì gba ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ní tiwa, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì báyìí, nọ́ọ̀sì á ṣí fìríìjì, á ka ìgò, èmi á sì fi wé pátákó. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Apirọrọ ni pátákó tiwa, ọmọ ọlọ́mọ ló sì jìyà rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ìṣirò, Ìbàdàn.