Ẹ Gba Ọ̀bẹ Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ

“Àmín o, ẹ ṣé gan-an.” Èsì tí mo gbà nìyẹn lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sáwọn ará Ìfọ̀nyìntẹ̀dó pé a ti sún ìpàdé ìlú síwájú. Nígbà tó di Sátidé ọjọ́ 7, àwọn àgbà tí kì í lo Wọ́sáàpù ti jókòó sí gbọ̀ngàn, wọ́n ń retí wa.

Irinṣẹ́ kan ni mo gbé iṣẹ́ fún. Èèyàn á kọ ìkéde kan ṣoṣo, irinṣẹ́ náà á gé e, á ràn án, á sì fi ránṣẹ́ bó ṣe bá àtẹ̀jíṣẹ́, Fesibúùkù, Insitagíráàmù àti X mu. Mo ní kí àtẹ̀jíṣẹ́ má ju ojú ewé kan lọ, torí owó. Ìkéde mi sì bẹ̀rẹ̀ bí ọmọlúàbí ṣe ń bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀yin ọmọ Ìfọ̀nyìn nílé lóko, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìnáwó àti ìrọ́jú.” Ìkíni yẹn nìkan gba àyè 69. Àyè 70 péré ló wà. Ìkíni ni wọ́n rí gbà, wọ́n sì ṣe àmín sí i.

Ẹni tó bá mọ̀ pé àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń gba lẹ́tà 160 á béèrè ibi tí 70 ti wá. 160 wà fún lẹ́tà tó bá wà nínú àkójọ kékeré tí àwọn ará Yúróòpù tò fún fóònù. Lẹ́tà à, è, ì, ò, ù àti é wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Ẹyọ ọ kan péré tó bá wọ inú ọ̀rọ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á bọ́ sí 70. Tó bá sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á pín in sí ojú ewé tó ń gba 67. Ọ̀rọ̀ tó gba àyè 150, tí ìbá jẹ́ ojú ewé kan, á di mẹ́ta, owó rẹ̀ náà á di ìlọ́po mẹ́ta.

X tún ní ìṣirò tirẹ̀. Ó fúnni ní 280, ṣùgbọ́n méjì ló ń ka ẹ, ọ tàbí ṣ sí. Ẹ́ tó ní àmì lórí di mẹ́ta. “Ọjà kò sí lọ́la” jẹ́ 14 lójú èèyàn, 15 nínú àtẹ̀jíṣẹ́, 17 lórí X. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ìbátan wa ní òdìkejì bodè, tí wọ́n ń kọ ɛ àti ɔ bí ìlànà Benin ṣe là á kalẹ̀, ẹyọ kan ni X ń ka tiwọn sí.

Kí ni irinṣẹ́ wá ń ṣe láti dín owó kù? Àwọn kan á yọ gbogbo àmì kúrò. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, tí bodè ṣì wà ní títì, Kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín ogún kìlómítà sí bodè. Yọ àmì rẹ̀, ó di “ogun” ní bodè. Ní agbègbè Ìpókíà wa tí sójà àti aṣọ́bodè kún títì nígbà yẹn, ta ni yóò dúró ka “kilomita” kó tó sá?

Àwòrán ńkọ́? Ìwé ìkéde ìsìnkú wa máa ń ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Orúkọ wà lókè, fọ́tò olóògbé láàárín, ọjọ́ àti ibi ìsìnkú nísàlẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá gé ìwé A4 di onígun mẹ́rin dọ́gba, tó sì di àárín mú, nǹkan bí ìdá méje ìwé náà á lọ lókè, ìdá méje mìíràn á lọ nísàlẹ̀. Òkú nìkan ló kù.

Ti ohùn ló burú jù. Wọ́n ní X fẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́, ẹ̀rọ bá sọ “ẹ wá” di “wá.” Ṣé baálẹ̀ kò sí lórí X ni? Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ la fi ń mọ̀ bóyá “o” ló tọ́ tàbí “ẹ,” kì í ṣe ibi tó ti kà á.

Wọ́n á ní ọwọ́ ò ká a, pé ẹnì kan ló ń bójú tó ojú òpó márùn-ún. Mo mọ̀, èmi náà ni. Ṣùgbọ́n gígùn ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, tí wọ́n á wá ní kí ẹ̀rọ gé e. Kúkúrú ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́, kí ìkíni wọlé lẹ́yìn níbi tí àyè bá wà. Kí ẹ̀rọ kà á, kó sì fi ránṣẹ́; kó má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀. Èyí tó yẹ kí n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà nìyí: “Ìpàdé ìlú di Sátidé 14, aago 10 àárọ̀, gbọ̀ngàn. Ti 7 kò sí mọ́.” Àyè 64 ló gbà, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Irú rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Bàbá kan kàn dáhùn pé, “A ti gbọ́. O ò tiẹ̀ kí wa.” Mo lọ kí wọn nílé.