Ẹrù Ìdánwò Tó Ń Lọ sí Ifọ́n àti Ìdóàní

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilẹ̀ ṣú mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lórí níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ti àjọ WAEC. Iná tọ́ọ̀ṣì ni àwọn mìíràn fi ríran kọ ọ́. Àjọ náà tọrọ àforíjì, ó sì ṣàlàyé pé akitiyan kí ìbéèrè má baà jo síta ló fa ìdádúró náà. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù Kẹjọ, wọ́n tún rí i pé fáìlì tí kò tọ́ ni wọ́n fi tẹ ìwé ìbéèrè alámì-yíyàn ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn tí kì í ṣe ti ìwé tó wà níwájú ọmọ ni wọ́n sì fi máàkì fún un. Lẹ́yìn àtúnṣe, iye àwọn tó gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò gòkè láti 38.32 sí 62.96 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ọmọ kankan tó di gègé mú ni ọ̀ràn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan tí àwọn òbí kì í rí ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: ìwé ẹrù, èyí tó ń sọ ohun tó wà nínú àpò ìdánwò sẹ́ńtà kọ̀ọ̀kan.

Ní agbègbè tiwa, àṣìṣe inú ìwé yìí kò rọrùn láti tún ṣe. Ẹni tó bá ń ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ifọ́n yóò gba Elégbẹ̀ka kọjá. Níbẹ̀ ni àwọn agbébọn ti ṣekú pa Olúfọ́n ti Ifọ́n, Ọba Israel Adéùsì, ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí Kábíyèsí ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. A kò lè fara mọ́ ọn pé kí súpáfáísọ̀ gun ọ̀kadà gba ojú ọ̀nà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò nítorí ìwé ìdáhùn mẹ́wàá tí wọn kò kó sínú àpò. Ohun tí sẹ́ńtà Ọ̀sẹ́ yóò lò gbọ́dọ̀ pé kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ẹ jẹ́ ká mú sẹ́ńtà kan ní Ifọ́n gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, fún ìdánwò ọlọ́dún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó ń ṣe. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 137 ló forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n pín sí gbọ̀ngàn mẹ́ta: 50, 50 àti 37. Ẹni tó ń di ẹrù lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé 140, kó wá kó ẹ́ńfílọ́ọ̀bù oní-100 kan àti oní-40 kan sínú àpò. Ìṣirò pé, ṣùgbọ́n ìdì náà burú. Wọn yóò ní láti ya ẹ́ńfílọ́ọ̀bù oní-100 ní gbọ̀ngàn kìíní, kí ẹnì kan wá gbé 50 tí kò ní èdìdì mọ́ gba àárín ọgbà kọjá lọ sí gbọ̀ngàn kejì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn tó láti fi fóònù ya àwòrán ìbéèrè.

Gbọ̀ngàn ló yẹ kí ìwé ẹrù tẹ̀ lé: oní-50 kan fún èkíní, oní-50 kan fún èkejì, oní-10 mẹ́rin fún ẹ̀kẹta, kí ẹ́ńfílọ́ọ̀bù oní-5 kan sì wà lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ pẹ̀lú èdìdì rẹ̀, bóyá ojú ewé kan kò hàn lára ìwé ọmọ kan. Níbi tí ìwé ìbéèrè bá ti ju irú kan lọ, kí ìwé ẹrù dárúkọ irú kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀. Kí orúkọ àjọ àti nọ́ńbà sẹ́ńtà sì wà lára àpò. Orúkọ ìlú nìkan kò tó, torí ní Ìdóàní, ìdánwò NECO ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ń kọ ní ìpele yìí, nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù ń kọ ti ìpínlẹ̀.

Ìwé ìdáhùn ni ibi tí jìbìtì máa ń sá pamọ́ sí jù. Kò tó kí wọ́n kọ "ìwé ìdáhùn 150" sílẹ̀. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, bíi 004101 dé 004250. Bí ọmọ mẹ́ta kò bá wá, 134 ni yóò kọ ìdánwò. Bí ìwé méjì bá bàjẹ́, 14 ló gbọ́dọ̀ padà ní òfìfo. Bí 13 bá padà, ìwé kan tó jẹ́ ojúlówó ti wà níta, ẹnì kan sì lè jókòó sílé fara balẹ̀ kọ ọ́, kó wá fi rọ́pò ti inú gbọ̀ngàn kí àpò tó kúrò ní sẹ́ńtà. Ìwé tó bàjẹ́ náà gbọ́dọ̀ padà.

Ní ti síìlì, àwọn tó ń di ẹrù sábà máa ń rántí èyí tó ń lọ, wọ́n a gbàgbé èyí tó ń bọ̀. Síìlì oníkẹ́ ti ẹnu àpò, gígé ni wọ́n ń gé e, kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Fún iṣẹ́ kan ní sẹ́ńtà wa yìí, síìlì tuntun mẹ́rin ni yóò bá ìwé ìdáhùn padà: mẹ́ta fún ìdì gbọ̀ngàn mẹ́ta, ọ̀kan fún àpò ńlá, pẹ̀lú ọ̀kan tàbí méjì lékè. Bí kò bá sí, sẹ́lótéèpù ni súpáfáísọ̀ yóò fi dì í, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá wọ́n tú u lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń gba àpò gbọ́dọ̀ fa síìlì wò, kó wo ọrùn rẹ̀ bóyá ó ti funfun níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tàbí tí wọ́n ti fi iná rọ̀ ọ́. Kó fọwọ́ tọ́ etí ẹ́ńfílọ́ọ̀bù bóyá gọ́ọ̀mù rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Kí òun fúnra rẹ̀ ka nọ́ńbà síìlì sókè, kí ẹni tó fà á lé e lọ́wọ́ máa wò ó nínú ìwé. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ kà á fún un, bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni yóò máa dáhùn.

Fọ́ọ̀mù àwọn olùṣọ́ ìdánwò kò gbọdọ̀ wà nínú àpò ìbéèrè tí wọ́n dí. Ìta ló yẹ kó wà, nínú ọ̀rá tí òjò kò lè wọ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ẹrù kan. Ẹni tí wọ́n ti ìwé ẹrù mọ́ inú àpò fún kò lè yẹ síìlì wò láìkọ́kọ́ gé e. Gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan nílò ìwé orúkọ àwọn tó wá, àwòrán ìjókòó, àti fọ́ọ̀mù ìṣíwèé tí wọ́n ń kọ aago sí, tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì ń buwọ́ lù pé ojú àwọn ni wọ́n ya ẹ́ńfílọ́ọ̀bù. Ẹ kó fọ́ọ̀mù ìwà àìtọ́ púpọ̀ sí i. Níbi tí ẹyọ kan bá ti wà, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nìkan ni wọn yóò kọ sílẹ̀.

Ìwé ẹrù kò lè dí ihò tó bá wà ní ilé ìtẹ̀wé, kò sì lè gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ti wọ gbọ̀ngàn. Ohun tó lè ṣe ni pé kó fi hàn ibi tí ẹrù ti dín àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà.

Nítorí náà, a ń béèrè lọ́wọ́ Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n kọ ìwé ẹrù Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ láti inú orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀, gbọ̀ngàn sí gbọ̀ngàn, ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan ní ibi ìkẹ́rù, ọ̀kan nínú àpò, ọ̀kan níta. Kí ẹrù àlékún tí wọ́n dí wà ní àgọ́ ọlọ́pàá Ifọ́n àti ti Ìdóàní ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí àpò bá sì padà, kí ẹni tó gbà á má buwọ́ lu ohunkóhun títí iye ìwé ìdáhùn tí wọ́n lò, èyí tó bàjẹ́ àti òfìfo yóò fi bá iye tó jáde lọ mu. Bí kò bá mu, kí ó kọ nọ́ńbà èyí tó sọnù sílẹ̀ lójú súpáfáísọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.