Ta Ni Ó Ni Orúkọ Ẹgbẹ́ Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì?

Ó ti di àṣà pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gba orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó, kí wọ́n sì máa sọ fún aráyé pé àwọn ti ra orúkọ náà. A kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ "rà" yìí. Yíyá ni a ń yá irú orúkọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí ó háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́jà. Fún orúkọ tí ó parí sí .com, ọdún 1 ni ó kéré jù, ọdún 10 sì ni ó pọ̀ jù tí a lè san owó rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí owó bá tán tí a kò san òmíràn, ẹni tí ó ti tajà níbẹ̀ fún ogún ọdún àti ẹni tí ó dé lánàá, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé tálákà nìkan ni èyí ń dé bá. Nígbà Kérésìmesì ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ Microsoft ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò san owó orúkọ passport.com nígbà tí ó pé. Orúkọ náà ni ẹnu-ọ̀nà tí àwọn tí ń lo Hotmail ń gbà dé ibi tí lẹ́tà wọn wà, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kò rí lẹ́tà kà. Ọ̀gbẹ́ni Michael Chaney, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn rárá, ni ó wádìí títí ó fi mọ̀ pé owó ni kò wọlé, ó sì san dọ́là 35 láti àpò ara rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọ̀nà fi ṣí. Orí bá wọn ṣe é pé ọlọ́kàn rere ni ó kọ́kọ́ débẹ̀.

Ìlànà wà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. ICANN, àjọ tí ń ṣe àkóso orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ tí a gba .com lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún olórúkọ ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ ìparí, kí ó tún kìlọ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, àti lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọjọ́ 5 lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ àánú a máa tẹ̀lé e, èyí tí ó lè tó 45. Àwọn ènìyàn gbọ́ 45, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ilé-iṣẹ́ lè gé e kúrú, ó sì lè lu orúkọ náà ní gbàǹjo kí ọjọ́ náà tó pé. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, ọjọ́ ìràpadà 30 ló kù. Olórúkọ àtijọ́ lè gbà á padà nígbà náà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ sábà máa ń ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ 5 ni ẹnikẹ́ni kò ní lè ṣe ohunkóhun sí i, lẹ́yìn náà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù ni yóò mú un. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ń ṣọ́ wákàtí náà. (Orúkọ .ng ní ìlànà tirẹ̀ lábẹ́ àjọ NiRA; kí a má ṣe fi ọjọ́ .com kà á.)

Wọn yóò ní ẹ̀rọ ń san án fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ Marketo rò ní oṣù Keje ọdún 2017, nígbà tí ìsanwó aládàáṣe kùnà, tí marketo.com sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè san owó tí káàdì kò gbé. Káàdì a máa parí. A máa sọnù. Báńkì a sì máa yí òfin padà. Ní ọdún 2022, àwọn báńkì kan nílẹ̀ wa dín dọ́là tí káàdì náírà lè ná lóṣù kù sí 20, àwọn mìíràn sì dá a dúró pátápátá. Ẹ̀rọ wo ni ó lè san án nígbà náà?

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti ìkìlọ̀. Nígbà ìdìbò, ẹgbẹ́ a pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ṣe ojúewé fún wọn. Ímeèlì tirẹ̀ àti káàdì tirẹ̀ ni ó fi gba orúkọ. Ìdìbò parí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa lọ bá a níbi tí ó wà. Ilé-ẹ̀kọ́ tilẹ̀ máa ń ṣe èyí tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á fi ímeèlì tí ó wà lábẹ́ orúkọ kan náà sílẹ̀ fún ìkìlọ̀. Bí orúkọ bá ti kú, ímeèlì náà ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yóò kàn rí i pé ìpolówó àjèjì ló wà níbi tí ojúewé wọn wà, àti pé lẹ́tà àwọn òbí kò wọlé mọ́. Bí àlejò bá sì ti gba orúkọ náà, òun ni yóò máa gba lẹ́tà tí àwọn òbí bá kọ lẹ́yìn náà.

A ń bèèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo pé kí wọ́n ṣí lookup.icann.org lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n tẹ orúkọ .com wọn síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ ìparí sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kí wọ́n ṣe é kí ọjọ́ náà tó kọjá o, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ọjọ́ tí a rí níbẹ̀ lè ti sún síwájú ní ọdún kan nígbà tí a kò tíì san kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pe ẹni tí ó gba orúkọ náà, kí wọ́n bi í pé: ímeèlì ta ni ìkìlọ̀ ń lọ sí, káàdì ta ni ó sì wà níbẹ̀?